Èémí ni Ẹ̀rù Kọ́kọ́ Ń Gbà Lọ́wọ́ Akéwì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lítíréṣọ̀ gan-an. Àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ ti kọ̀wé lórí ọnà èdè inú ewì, wọ́n sì ti kọ̀wé lórí àwọn akéwì ńláńlá. Ohun tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé wa ni bí ẹni tí kò ké ewì lójú agbo rí yóò ṣe dìde dúró níwájú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, tí ohùn rẹ̀ yóò sì jáde bí ó ṣe yẹ. Ìbẹ̀rù ojú agbo ni mo ń wí.

Ní ọdún tí ó kọjá, ẹgbẹ́ wa ṣe àpèjẹ ìdágbére fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùkọ́ tí ó ń fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ sì ní kí èmi wá ké ewì níbẹ̀. N kò ké ewì lójú agbo rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ewì tí mo kọ jẹ́ ìlà 84, ó sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 pẹ̀lú ìlù. Oríkì ìdílé Bàbá wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí a ṣàlàyé ewu tí ó wà nínú èyí. Ẹni tí ó bá fi àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n, tàbí tí ó fo orúkọ ọmọ kan dá, ní ojú ìyá àwọn ọmọ náà àti ní ojú àwọn àna, kò lè wí lọ́jọ́ kejì pé ẹ̀rù ni ó fà á. Ọ̀sẹ̀ 5 ni wọ́n fún mi.

Kí n tó fi kálámù kan ìwé, mo lọ sí ilé, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ti ń sun rárà láti ìgbà èwe wọn. Mo rò pé wọn yóò fún mi ní ohun kan tí ń lé ẹ̀rù lọ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ni ó sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń lọ? N kò tíì gbéyàwó tí mo ti ń sun rárà, àyà mi sì ń já títí di ìsinsìnyí. Èémí ni kí o dì mú. Bí ẹ̀rù bá ti gba èémí lọ́wọ́ rẹ, ohùn ti lọ nìyẹn, bí ohùn bá sì lọ, ọpọlọ yóò tẹ̀ lé e.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé e kà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rù ń ṣe nínú ara, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa bá òjìji jà. Bí ọpọlọ bá ti rí ohun tí ó pè ní ewu, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké méjì tí wọ́n jókòó sórí kíndìnrín wa yóò da oje kan tí wọ́n ń pè ní adirẹnálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ yóò sá kúrò ní ìka ọwọ́ lọ sí inú iṣan ẹsẹ̀ àti ti apá, itọ́ ẹnu yóò gbẹ, èémí yóò gòkè kúrò ní ikùn wá sí òkè àyà, yóò sì máa lọ kúkurú kúkurú. Ọdẹ tí ó bá pàdé ẹkùn nínú igbó yóò dúpẹ́ fún gbogbo èyí, nítorí ó ní láti sá tàbí kí ó jà. Ṣùgbọ́n akéwì kì í sá, kì í sì í jà. Ìdúró ni ó dúró. Ohun tí ó sì nílò jù lọ, ìyẹn ẹnu tí ó tutù, ọ̀fun tí ó tú, àti èémí tí ó gùn, ni ara ń fi tọrẹ.

Ti ọ̀fun yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le fún àwa tí a ń fi èdè Yorùbá ké ewì ju fún ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ̀rù bá ba ẹni tí ń ké ewì Gẹ̀ẹ́sì, tí ohùn rẹ̀ sì fò sókè, ọ̀rọ̀ tí ó sọ ṣì ni ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ewì mi, mo ní ìlà kan tí ó sọ pé ìlú kì í dùn bí kò bá sí ìlù. Mo fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀ nígbà tí mo dá wà nínú yàrá, mo sì tún gbà á nígbà tí mo ké e níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo gbọ́ méjèèjì pọ̀, ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Nínú ti àkọ́kọ́, ohùn sọ̀ kalẹ̀ dáadáa lórí “ìlù”. Nínú ti èkejì, ọ̀fun ti fún, gbogbo ohùn ti gbéra sókè, ohùn ìsàlẹ̀ kò sì rí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́. Ó wá súnmọ́ ohùn àárín tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi fi bi mí pé kí ni “ìlu”. Báyìí ni ẹ̀rù ṣe ń wọ inú ìtumọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé kí akéwì ṣáà ní ìgboyà, pé ìyókù yóò tẹ̀ lé e. Ìgboyà kò sọ ohùn ìsàlẹ̀ kalẹ̀. Èémí tí ó ti ìsàlẹ̀ wá ni ó ń ṣe é.

Nítorí náà, inú ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú àyà. Mo tún ewì náà kọ sórí ìwé fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì fi àmì sí gbogbo ibi tí èmi yóò ti mí. Ìlà kan tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ dúró fún èémí kékeré. Ìlà méjì dúró fún ibi tí onílù yóò ti gbà á lẹ́nu mi. N kò fi àmì sí àárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀, n kò sì fi sí àárín oríkì tí ó so mọ́ra, nítorí ẹni tí ó bá mí níbẹ̀ yóò gé ọ̀rọ̀ ní ọrùn. Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe mọ bí ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín àmì méjì yóò ṣe gùn tó? Ọ̀pọ̀ ń jókòó sórí àga, wọ́n ń wọn èémí ìsinmi, wọ́n sì ń rò pé èémí náà ni àwọn yóò bá lójú agbo. Èmi sáré gun àtẹ̀gùn ilé ìgbé wa láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹta, mo sì ké ìlà kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo ṣì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Èyí tí èémí mi kò bá ti lè gbé dópin nígbà náà, ó ti gùn jù. Ìlà 11 ni mo gé kúrú nítorí èyí. Mo lè gé e nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, ibi ìmí nìkan ni a lè yí padà, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan kíkọ́ ewì sórí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí mo ti rí ẹni tí ó mọ ewì rẹ̀ dénú ní yàrá, tí ó sì dúró bí òpó lójú agbo. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ́ nǹkan sórí ni pé a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, a ó kà á lọ títí a ó fi kọsẹ̀, a ó sì padà sí ìlà kìíní. Bí a bá ṣe èyí fún oṣù kan, ìbẹ̀rẹ̀ ewì yóò dán gbinrin, ìparí rẹ̀ yóò sì rí bí ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. Èyí nìkan kọ́. Irú ìkọ́sórí bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀wọ̀n onírin: ìlà kan ni ó ń fa èkejì jáde. Bí ìjákulẹ̀ kékeré kan bá dé ní àárín, ìlà tí ó kàn kò ní ẹni tí yóò fà á, akéwì kò sì ní ibòmíràn tí ó lè padà sí ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ta ni yóò padà sí ìlà kìíní ní ìṣẹ́jú kẹfà, tí gbogbo ènìyàn ń wò ó?

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín ìlà 84 náà sí abala 7, ìlà 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́ ìlà àkọ́kọ́ abala kọ̀ọ̀kan bí orúkọ ara mi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lóru tí ó ní “abala karùn-ún”, ẹnu mi yóò ti ṣí kí ojú mi tó là. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ni náà. Mo kọ́kọ́ kọ́ abala keje, lẹ́yìn náà mo kọ́ ìkẹfà mo sì ké e pọ̀ mọ́ ìkeje, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bọ̀ títí mo fi dé ìbẹ̀rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí mo bá ti ń ké e lọ, ibi tí mo mọ̀ jù ni mo ń wọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kọ nọ́ńbà 1 sí 7 sórí ègé ìwé kéékèèké, mo kó wọn sínú agolo mílò kan, mo ń fa ọ̀kan jáde láìwo inú rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó bá bọ́ sí. Alájọgbé mi sọ agolo náà ní “Ifá”. Láàárọ̀, kí n tó ṣí ìwé wò, mo ń gbìyànjú láti rántí abala kan láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìgbà tí ó bá ṣòro díẹ̀ ni ó máa ń wọlé jù. Ìṣẹ́jú 25 láàárọ̀ àti 25 nírọ̀lẹ́ ni mo fi ń ṣe é. Ó sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ, nítorí oorun tí ó wà láàárín ń bá ènìyàn dì í.

Ní ti orúkọ àwọn ọmọ, n kò gbẹ́kẹ̀ lé ohùn wọn nìkan. Mo fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kà wọ́n, mo sì fi ìka kìíní ọwọ́ òsì parí rẹ̀, nínú apá agbádá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Àtàǹpàkò ni àkọ́bí. Bí ahọ́n bá ṣìnà, ìka yóò pè é padà.

Ọ̀rọ̀ mímí gan-an wá kàn. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni pé kí ó “mí kanlẹ̀”. Ìmọ̀ràn yìí kò pé, ó sì lè ṣeni ní ibi. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ti ń mí jù tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ ńláńlá lemọ́lemọ́, yóò lé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́ọ̀sáìdì tí ó yẹ kí ó kù sínú ẹ̀jẹ̀ jáde ju bí ó ti yẹ lọ. Orí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, etí ẹnu àti ìka rẹ̀ yóò máa ṣe é wínni-wínni bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀. Yóò rò pé ẹ̀rù ni ó ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí àmì wínni-wínni yìí lára yín, ẹ mọ̀ pé ẹ ti mí jù. Ẹ dín in kù.

Mímí jáde ni oògùn wà, kì í ṣe mímí wọlé. Bí a bá ń mí sínú, ọkàn a yára díẹ̀. Bí a bá ń mí jáde, a falẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jẹ́ kí mímí jáde gùn ju mímí wọlé lọ ń bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo jókòó, mo gbé ọwọ́ kan lé òkè àyà, mo gbé èkejì lé ikùn lókè ìdodo. Mo fi imú fa èémí wọlé, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin; ọwọ́ ti ikùn ni ó gbọ́dọ̀ gbéra, kí ti àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Mo ń fi ẹnu tí ó ṣí díẹ̀ tú u jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, mo ka ení dé ẹ̀fà. Bí kíkà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan yóò gba èémí 6. Mo ń ṣe é fún ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ àti ìṣẹ́jú 5 kí n tó sùn, láti ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọjọ́ kìíní ni pé kò sí ẹni tí í kọ́ odò wíwẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbìyànjú èémí yìí lẹ́yìn aṣọ ìkélé orí ìtàgé yóò wí pé kò ṣiṣẹ́, òótọ́ ni yóò sì wí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa èémí ìfarabalẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ èémí ìkéwì. Èkejì yára wọlé, ó sì falẹ̀ jáde pẹ̀lú ohùn. Ẹni tí ó bá ń fa èémí wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin láàárín ìlà méjì yóò mú kí àwọn ènìyàn rò pé oorun ń kùn ún.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ni mo fi ń ké ewì níwájú ènìyàn. Mo kọ́kọ́ ké e fún alájọgbé mi nìkan. Lọ́jọ́ kẹta mo ké e fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí mo ti sọ̀rọ̀ wọn, lẹ́yìn náà fún àwọn 12 nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, lẹ́yìn náà fún kíláàsì ọdún kìíní, tí olùkọ́ wọn yọ̀ǹda ìṣẹ́jú 15 fún mi. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi dè wọ́n, mo sì fi de ara mi: ohun yòówù tí ó bá ṣẹlẹ̀, n kò gbọdọ̀ dúró, n kò gbọdọ̀ tọrọ gáfárà, n kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ń dúró tún ìlà ṣe nígbà ìgbáradì ń kọ́ ara rẹ̀ ní dídúró ni. Ìgbà mìíràn wà fún títún nǹkan ṣe, ìyẹn nígbà tí a bá dá wà. Mo sì ń sáré gun àtẹ̀gùn kí n tó bọ́ síwájú wọn, kí ọkàn mi lè máa lù bí yóò ti máa lù lọ́jọ́ náà. Bí ara bá ti mọ̀ pé ọkàn lè máa lù kìkì kí ewì sì máa lọ láìdúró, kì í ka ìlùkìkì náà sí ewu tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo wọ agbádá fún ìgbáradì méjì tí ó gbẹ̀yìn. Ó yẹ kí n sọ èyí nítorí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ lè gba èémí. Okùn ṣòkòtò tí a bá so le mọ́ ikùn kì í jẹ́ kí ikùn gbéra. Ó yẹ kí a so ó sílẹ̀ díẹ̀ sí ìdí.

Bàbá onígángan tí ẹgbẹ́ wa gbà láti ìgboro ni ó fún mi ní èyí tí ó wúlò jù. Ìgbà méjì ni a jọ ṣe ìgbáradì. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kí wọ́n máa lu nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan, nítorí mo ti ṣírò pé èémí ìfarabalẹ̀ méjì yóò wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n wá ní, “Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́?” N kò ní èsì. Wọ́n ní kí n gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè. Bí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá ti wà lókè, àwọn yóò máa fi ìlù ki Bàbá nìṣó, àwọn kò sì ní dákẹ́ títí n ó fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n náà. Àwọn tí ó wà lórí ìjókòó yóò rò pé akéwì ń yẹ́ ẹni tí a ń ṣe nítorí rẹ̀ sí ni. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí bí ó ti yẹ.

Bí ọjọ́ náà ti ń súnmọ́, ìmọ̀ràn pọ̀. Ẹnì kan gbé obì wá pé kí n jẹ ẹ́ kí n tó jáde, kí ojú mi lè dá. Mo dúpẹ́, n kò jẹ ẹ́. Kaféènì wà nínú obì gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú kọfí, ọkàn tí ó ti ń sáré kò nílò ẹṣin. Ẹlòmíràn dárúkọ oògùn kan tí ń jẹ́ puropiránólọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé àwọn olórin kan ní òkè òkun ń lò ó. Ní ọdún 1977 ni àwọn oníṣègùn kan tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lórí bí oògùn irú rẹ̀ ṣe ń dín ọwọ́ gbígbọ̀n kù lára àwọn tí ń ta gòjé. Ṣùgbọ́n ó léwu gan-an fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ láìrí dókítà. Yàtọ̀ sí èyí, kò lè ránni létí ìlà kan ṣoṣo. A sì rí àwọn tí ó rò pé òye ni ó ń lé ẹ̀rù. Vladimir Horowitz, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó mọ dùùrù tẹ̀ jù ú lọ nígbà ayé rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù ojú agbo ń dà láàmú ni. Ní ọdún 1953, ó fi orí ìtàgé sílẹ̀, ọdún 1965 ni ó sì tó padà wá síbẹ̀ ní Carnegie Hall ní Níú Yọ́ọ̀kì.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú àpèjẹ, mo wọ gbọ̀ngàn náà nígbà tí kò sí ènìyàn níbẹ̀. Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi maíkì, mo ka ìṣísẹ̀ mi, 22 ni. Mo ké abala kìíní nìkan, mo sì wo ibi tí ìdílé Bàbá yóò jókòó sí. Ní ọjọ́ gan-an, n kò tún ewì náà ké láti òkè dé ilẹ̀ mọ́. Ìlà àkọ́kọ́ abala méjèèje nìkan ni mo kà sínú. Mo jẹun ní wákàtí mẹ́ta kí ó tó kàn mí, mo ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn, mo fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ń lù ní ọrùn ọwọ́, mo kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, mo sì fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí mo bá wà nílé, 72 ni ó máa ń jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Lọ́jọ́ náà, 124 ni. Mo mí ní ìwọ̀n ẹ̀rin sí ẹ̀fà fún ìṣẹ́jú 5. Mo tún kà á: 104. Kò padà sí 72. N kò sì retí pé yóò padà síbẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì tutù, ìrùkẹ̀rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn mi ń gbéra, èyíinì ni mo ń wá.

Abala mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ geere. Ní àárín ìkarùn-ún, ìyẹn abala tí orúkọ àwọn ọmọ wà, àǹtí kan láti inú ìdílé dìde, ó ń jó bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lẹ̀ mí lórí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Owó bo ojú mi, ariwo sọ, n kò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Orúkọ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìka ìfábẹ̀lá mi ṣì wà ní títẹ̀. Mo gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè. Bàbá onígángan kò tilẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìlù gbà á, ó ń ki Bàbá, inú àwọn tí ń náwó dùn sí i, wọ́n jó, èmi náà sì ń jó níwọ̀nba, mo ń ka ẹ̀rin sínú, mo ń tú ẹ̀fà jáde. Ó tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kí wọ́n tó padà jókòó. Mo sọ ìrùkẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ìlù rọlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ abala karùn-ún láti ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀, bí ẹni pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, láti àtàǹpàkò ọ̀tún dé ìka kìíní òsì. Ìyá àwọn ọmọ náà ń fi orí dá mi lóhùn bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ń jáde.

Mo gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. “Ìlù” sọ̀ kalẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì rí ojútùú sí. Ẹnu mi gbẹ ní abala keje débi pé ahọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, a sì ń gbọ́ ọ nínú maíkì. Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n ní kí n máa rọra fi eyín tẹ ẹ̀gbẹ́ ahọ́n nígbà tí ìlù bá gbà á, pé itọ́ yóò sun. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti tún ní kí n wá ké ewì ní ọjọ́ ìkíni-káàbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, níbẹ̀ ni n ó ti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lójú agbo.